Ṣingọ́ọ̀mù Wọ Irun, Ìgbìmọ̀ Ìdílé Jókòó
Ní Àràròmí-Obu, nítòsí Ọ̀rẹ̀, níbi tí oko rọ́bà tẹ́ lọ rẹrẹ, tí wọ́n ń ha èèpo igi kí oje funfun lè sun, a ò retí kí ohun tó ń lẹ̀ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ṣingọ́ọ̀mù kékeré kan sáà wọ irun ọmọdé, ìgbìmọ̀ ìdílé á jókòó: ìyá á ní kí wọ́n mú àlùmọ́gàjí wá, bàbá á dábàá kẹrosíìnì, ẹ̀gbọ́n ọmọ á sì fi kóòmù fà á títí yóò fi tàn dé ìpàkọ́. Bẹ́ẹ̀, irú rọ́bà kan ló wà nínú ṣingọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ń po ọ̀pọ̀ rẹ̀ lónìí. Ṣingọ́ọ̀mù kì í rọ̀ fún ẹni tó ń fà á. Omi ò ràn án, òróró ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi àdín pa á àti irun tó yí i ká, ẹ dúró fún bíi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi ìka fà á bọ̀ wá sí ṣóńṣó irun, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò tíì rọ̀ tó. Ẹ tún pa á. Àmọ́ ẹ má gbé àdín dé orí aṣọ tàbí kápẹ́ẹ̀tì, torí ṣingọ́ọ̀mù á lọ, àbààwọ́n á jogún ilé. Yìnyín inú ọ̀rá ni kí ẹ gbé lé ìyẹn títí yóò fi le gbagidi, kí ẹ rọra fi etí ṣíbí ha á kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àlùmọ́gàjí padà fún télọ̀.