Àláàtì Ayédèrú

(Ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ràfíù. Oníbàárà kan jókòó sínú ọkọ̀ níta, ó ń fun fèrè lemọ́lemọ́.)

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ìyá Ràfíù, kí lo tún ń dúró dè? Jẹ́ kí n gbé kẹ́ẹ̀gì epo yìí fún ọkùnrin náà. Ó ti san 47,000 náírà. Ó fi hàn mí lójú fóònù ẹ̀, ó hàn gbàgàdà pé owó ti lọ!

ÌYÁ RÀFÍÙ: Ẹ gbé epo yẹn sílẹ̀. Ojú fóònù ẹ̀ kọ́ lowó mi ń wọlé sí.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Àláàtì ti wọ fóònù tìẹ náà. Wò ó! `Avail Bal: NGN612,000.00`. Háà! O ní irú owó yìí ní báńkì, o sì ń wò mí tí mo ń yá owó mọ́tò kiri?

ÌYÁ RÀFÍÙ: Ẹ̀yin náà gbà á gbọ́! Kí ọkùnrin yìí tó dé, 12,350 ló wà nínú àkáǹtì mi. Bí 47,000 bá wọlé lóòótọ́, 59,350 ló yẹ kí wọ́n kọ. Kò mọ iye tí mo ní, ló bá fún mi lówó tó wù ú. Ẹ tún wo ibi tó ti wá: nọ́ńbà fóònù lásán ni, kì í ṣe orúkọ báńkì.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Bó bá jẹ́ orúkọ báńkì ńkọ́?

ÌYÁ RÀFÍÙ: Wọ́n ń ṣe ayédèrú ìyẹn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣí áàpù báńkì tèmi fúnra mi. Ẹ wò ó: 12,350, kò kúrò níbi tó wà.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni! Rìsíìtì tó fi ránṣẹ́ sí mi rèé, ó ní Session ID, nọ́ńbà 30 gbáko.

ÌYÁ RÀFÍÙ: Ẹ ka ti keje dé ìkejìlá.

BÀBÁ RÀFÍÙ: 2, 3, 1, 1, 0, 4.

ÌYÁ RÀFÍÙ: Ọdún 2023, oṣù kọkànlá, ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀. Rìsíìtì àtijọ́ ló kọ déètì òní sí lókè, ó gbàgbé ìsàlẹ̀.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ẹni tó bá gbọ́n jù ú lọ á tún ìsàlẹ̀ náà ṣe.

ÌYÁ RÀFÍÙ: Á tún un ṣe dáadáa. Nọ́ńbà yẹn lè tú àṣírí olè, àmọ́ kò lè sọ pé ẹnì kan kì í ṣe olè. Bálánsì mi nìkan ló lè sọ ọ́. Bó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóòótọ́, kó dúró; ọjà náà á dúró. Bówó ò bá wọlé, kó lọ bá báńkì tiẹ̀.

(Oníbàárà náà ṣáná sí ọkọ̀, ó sá lọ.)

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ó ti lọ! Kò tiẹ̀ gba owó ẹ̀ padà!

ÌYÁ RÀFÍÙ: Owó wo? Ẹ dúró ná. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ fi rìsíìtì ẹ̀ hàn mí, tí ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá a dúró. Ẹ mú un wá. Ẹ ka ti keje dé ìkejìlá.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ìyá Ràfíù, wọ́n ti ń pe ìrun o!