Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì Í Fa Omi

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Àwọn bàbá wa tó pa òwe yìí kò san owó ìṣáájú fún agbaṣẹ́ṣe kankan rí. Ọ̀rọ̀ àárín ẹbí ni wọ́n ń wí, àárín àna sí àna, níbi tí ojú ti ń ti èèyàn. Àwa ọmọ wọn ló sọ ọ́ di ìlànà ìkọ̀wé ní ọ́fíìsì. A ó mú bébà, a ó kọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sí i, a ó so mílíọ̀nù náírà mọ́ ọn lọ́rùn, a ó wá jókòó, a ó máa retí kó di odindi nínú agbaṣẹ́ṣe. Kí a má purọ́, ó máa ń di odindi nínú rẹ̀. Odindi tó bá àpò rẹ̀ mu ni.

Ẹ jẹ́ ká mú kànga ẹ̀rọ tí gbogbo wa ń pè ní bóòhóòlù. Ká sọ pé ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, tí èèyàn inú rẹ̀ tó 600, ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ọ̀kan fún, èyí tí yóò máa fi oòrùn ṣiṣẹ́. Ìwé àlàyé iṣẹ́ dé. Ó nípọn, ó ní òǹtẹ̀, ó ní ìbuwọ́lùwé mẹ́ta. Gbólóhùn tó gbé gbogbo iṣẹ́ náà dúró kà báyìí: "Agbaṣẹ́ṣe yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ìgbàlódé tí yóò máa pèsè omi tó mọ́, tó sì pọ̀ tó, fún àwọn ará ìlú nígbà gbogbo, pẹ̀lú pọ́ǹpù tó lágbára àti àwọn ohun èlò mìíràn bó bá ṣe yẹ."

Ó dùn létí, àbí kò dùn? Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kà á, wọ́n mi orí. Kábíyèsí gbọ́ ọ, wọ́n súre. Kò sẹ́ni tó lè bá irú gbólóhùn yìí jà, àrùn tó ń ṣe é gan-an sì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè bá jà, kò sẹ́ni tó lè fi mú agbaṣẹ́ṣe.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í ka ìwé bẹ́ẹ̀ kíákíá bí ẹni ń ka ìwé ìpè ìnáwó. Á mú bírò pupa, á dúró lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, á sì bi í léèrè pé: ta ni yóò lọ síbẹ̀, nígbà wo, kí ni yóò mú lọ́wọ́, kí ló sì lè rí níbẹ̀ tí yóò fi sọ pé "Rárá, ẹ kò ṣe é"? Bí kò bá sí nǹkan kan láyé yìí tó lè rí tí yóò fi sọ pé rárá, a jẹ́ pé àdúrà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́fíìsì akápò la ti ń gbà á. Ọ̀nà kejì tún wà tó máa ń mú ni rẹ́rìn-ín: ẹ fún èèyàn méjì ní gbólóhùn kan náà ní ìyàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú kọ bó ṣe máa dán an wò. Bí ọ̀kan bá kọ pé òun yóò ṣí ẹ̀rọ kí òun wò ó bóyá omi yọ, tí èkejì kọ pé òun yóò fa omi fún ọjọ́ kan gbáko nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn náà, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìlajú tiwa nìkan ni. Àwọn ará NASA, tí wọ́n rán èèyàn lọ sórí òṣùpá, ní láti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan ní nǹkan bí 1996 tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣa irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú ìwé àlàyé iṣẹ́ wọn: "bó bá ṣe yẹ", "tó tó", "tó rọrùn", "lásìkò". Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kò mọ aláwọ̀ funfun yàtọ̀ sí adúláwọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òkè-Ògùn. "Tó pọ̀ tó" ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń sunkún jù. Wọ́n gbẹ́ kànga náà, wọ́n sì fi í lọ́lẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti rọ̀ débi tí ilẹ̀ ti yó. Aṣojú ìjọba ṣí ẹ̀rọ, omi tú jáde yàà, wọ́n fi bọ́jú, onílù ò jẹ́ ká gbọ́ràn mọ́. Ṣé omi pọ̀ tó? Ó pọ̀ tó. Agbaṣẹ́ṣe gba ìyókù owó rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún, ẹ̀rọ ń wú ikọ́. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Àpáta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, inú èyí tó ti jẹrà lókè àti inú ojú tó ti là lára rẹ̀ sì ni omi ń gbé. Òjò ló ń kún un. Bí òjò bá dá, ojú omi a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí pọ́ǹpù ti ń mu afẹ́fẹ́. Nítorí náà, oṣù tí a fẹ́ dán kànga wò jẹ́ ara àdéhùn; ẹni tí kò kọ ọ́ ti fún agbaṣẹ́ṣe láyè láti yan èyí tó wù ú. Kò sí agbaṣẹ́ṣe tí yóò yan ọ̀gbẹlẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ kí èèyàn kọ̀ọ̀kan rí 20 lítà lóòjọ́, èèyàn 600 yóò nílò 12,000 lítà. Ká ní oòrùn tó lè gbé pọ́ǹpù dáadáa máa ń tó wákàtí 5 lóòjọ́, ìyẹn jẹ́ 300 ìṣẹ́jú. Ẹ pín in: 40 lítà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn náà á wá di báyìí: "Ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, a ó fi jẹnẹrétọ̀ fa omi kànga náà fún wákàtí 24 láìdúró. Omi tó ń jáde kò gbọdọ̀ dín sí 40 lítà ní ìṣẹ́jú kan, ojú omi inú kànga kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ débi tí yóò fi ku mítà tí kò tó 5 lórí pọ́ǹpù." Okùn oníwọ̀n tó máa ń dún bó bá kan omi ni wọ́n fi ń wọn ti inú kànga. Ti òde kò gba ẹnjiníà rárá. Ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà 20 lítà sábẹ́ páìpù, ẹ wo aago. Bó bá kún láàárín 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ó ṣe é. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ṣe é. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà lè dá ẹjọ́ yìí, kí kọmíṣánnà má sì rí i yí padà.

"Tó mọ́" ń kọ́? Omi ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ mọ́ gaara nínú ife. Ẹ jẹ́ kó sun nínú báàkẹ́ẹ̀tì mọ́jú, ó lè ti pọ́n, aṣọ funfun tí wọ́n fi fọ̀ á sì gba àwọ̀ ìpẹtà. Irin tó ti yòrò sínú omi ni. Lábẹ́ ilẹ̀, kò tíì rí afẹ́fẹ́, nítorí náà ojú kì í rí i. Kòkòrò ìgbẹ́ ní tirẹ̀ kì í sì fara hàn mọ́jú tàbí mọ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìwé òṣùwọ̀n omi mímu tí àjọ SON gbé jáde ti parí ọ̀rọ̀ yìí: irin kò gbọdọ̀ ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, kòkòrò ìgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ sí rárá nínú 100 mílílítà. Kí wọ́n tọ́ka sí ìwé náà, kí wọ́n kọ ọdún rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹni tí kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe ni yóò bu omi lọ fún àyẹ̀wò. Mo ti rí ibi tí agbaṣẹ́ṣe ti fúnra rẹ̀ bu omi lọ. Ta ló mọ inú kànga ta ni ó ti bù ú?

Ọ̀rọ̀ "pọ́ǹpù tó lágbára" ló máa ń dẹ pàkúté fún àwọn tó ti gbọ́n díẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti rí ààbọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i: "pọ́ǹpù 40 lítà ní ìṣẹ́jú kan." Ètò kọ̀ǹpútà NASA yẹn kò ní rí àléébù kankan níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe á ra pọ́ǹpù kan tí páálí rẹ̀ kà pé 70 lítà ní ìṣẹ́jú kan, tó tún kà pé 80 mítà. Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Ohun tí páálí kò sọ ni pé nígbà tí kò bá gbé omi gòkè rárá ló ń fa 70 lítà náà, àti pé tó bá fi máa gbé omi dé 80 mítà, kò ní sí ẹ̀kán kan tí yóò jáde mọ́. Ní ìlú wa yìí, bí ojú omi bá sọ̀ dé 35 mítà, tí orí táńkì ga ní 6 mítà, tí ìfọwọ́ra omi inú páìpù sì jẹ nǹkan bí mítà 4, 45 mítà ni pọ́ǹpù máa gbé e. "40 lítà ní ìṣẹ́jú kan, ní gíga 45 mítà" ni odindi ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tí a kò sọ ipò tí yóò ti ṣẹ, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó wọ kóòtù ni.

Ní ti "nígbà gbogbo", ẹ̀rọ wo ló wà láyé tí kì í bàjẹ́? Ẹni tó bèèrè ohun tí kò ṣeé ṣe ti dá agbaṣẹ́ṣe láre tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́, ọjọ́ tí omi kò ní yọ kò gbọdọ̀ ju 2 lọ nínú oṣù kan, kí olùtọ́jú ẹ̀rọ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìjọba sì di ìdá kan mú nínú owó títí oṣù 12 náà yóò fi pé. "Bó bá ṣe yẹ" kò nílò àlàyé. Ẹ pa á rẹ́.

Àmọ́ o, mo rí àwọn kan tí wọ́n ti ya wèrè nọ́ńbà. Wọ́n á kọ ọ́ pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fún àwọn ní 40 lítà, bí kò bá sómi, kò sówó. Ọlọ́run ló ni ilẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kò lè fi agídí mú àpáta sunkún. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni kí a fi mú un: ibi tí wọ́n wọn ilẹ̀ dé kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, bó ṣe jìn sí, páìpù tó fi sí i, àyẹ̀wò tó ṣe. Bí ilẹ̀ bá wá fúnni ní 15 lítà péré, kí ìwé ti sọ ohun tí a ó ṣe àti iye tí a ó san. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni yóò kọ sínú ìròyìn rẹ̀, torí ìwé yín ti fi irọ́ ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà jẹun.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìlú, ẹ bèèrè ìwé àlàyé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, kì í ṣe ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú bírò pupa. Nítorí lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ tún ṣe yóò ní owó tirẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ni yóò sì dá iye rẹ̀.