Mo Jẹ́rìí Lórí Kókó Tí Kò Tíì Lọ

Bí kókó náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní ìtàn kankan nínú. Mo ń fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo rí i lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó tó kóró àgbálùmọ̀, ó le díẹ̀, kò sì dùn mí tí mo bá ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìgbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, tí mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀ kí n lè dìde, ìgbà yẹn ló máa ń ta mí wọ egungun.

Gbogbo ẹni tó rí i ló di dókítà. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní pàṣán tí mo fi ń na ọmọ ọlọ́mọ ló fà á. Ìyá kan ládùúgbò rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo bá ẹnì kan bọwọ́ níbi òkú tí a lọ ṣe láìpẹ́. Oníkẹ́místì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní kí n mú owó wá, òun á fi síríńjì fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń jókòó sí. N kò dá ìkankan nínú wọn lóhùn. Àfi Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n wá kí wa. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé èyí náà lẹ ń pariwo lé lórí? Ẹ gbé Bíbélì wá."

Ẹ má rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n fẹ́ fi lù ú ni. Àwọn òyìnbó àtijọ́ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé lọ́pọ̀ ilé, Bíbélì ni ìwé tó wúwo jù tọ́wọ́ lè tètè tó. Bàbá ní kí n gbé apá lé tábìlì, kí n tẹ ọwọ́ wálẹ̀ létí rẹ̀ kí awọ lè fà gan-gan, kí kókó sì yọrí dáadáa. Ìyàwó mi di ojú. Bàbá gbé Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà tí a máa ń kà nílé, wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀: gbòà! Igbe tí mo ké mú àwọn ará ilé kejì sá wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wò ó, kókó ò sí níbẹ̀ mọ́. Omi dà lójú mi, ìyàwó mi sì rò pé ayọ̀ ni.

Ọwọ́ náà wú, ó tún rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dán. Ìyàwó mi ní a ò gbọ́dọ̀ gba oore kí a dákẹ́. Bí mo ṣe dá ara mi sí wàhálà nìyẹn.

Ní Sọ́ńdè ìdúpẹ́, àwọn tó bá fẹ́ jẹ́rìí máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ní ìjọ wa. Obìnrin tó ṣáájú mi dúpẹ́ pé ọmọ òun rí físà gbà. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e ní ọkọ̀ takìtì lọ́nà márosẹ̀, gíláàsì fọ́ yángá, gílóòbù inú rẹ̀ náà fọ́, ṣùgbọ́n ara òun kò họ. Ẹ̀rí wo wá ni ti kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí? Ni mo bá fi iyọ̀ sí tèmi. Mo ní àwọn dókítà ti sọ pé àfi kí wọ́n la ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì kí dókítà kankan káàárọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní oorun ò kun ojú mi mọ́. Nígbà tó kan ọ̀nà tí ìwòsàn gbà dé, mo ní, "A gbé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé e lórí, ó sì pòórá!" Ìjọ hó yèè. Bàbá Kékeré, tí wọ́n jókòó síwájú, mi orí gbùn-gbùn-gbùn. Irọ́ kọ́ ni mo pa níbẹ̀ ṣáà.

Pásítọ̀ ní, "Arákùnrin, gbé ọwọ́ yẹn sókè kí ojú ti Sátánì." Mo gbé e sókè. Oníkámẹ́rà sún mọ́ mi, ọwọ́ mi sì kún ojú ògiri ńlá tó wà lókè pẹpẹ, ó dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Onílù wọ inú ìlù. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Pásítọ̀ ti gbóná. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́! Tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀!"

Mo tẹ ọwọ́ wálẹ̀. Kókó yọ.

Lójú ògiri yẹn, ó tóbi ju orí Pásítọ̀ fúnra wọn lọ. Onílù gbé ọ̀pá ìlù sókè, kò rántí sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọdé kan láàárín ìjọ ní, "Mọ́mì, ó ti padà!" Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè ṣe, ni mo bá na ọwọ́, kókó wọlé, ó yà mí lẹ́nu, mo tún tẹ̀ ẹ́, kókó yọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn akọrin.

Ìtìjú mú kí n fẹ́ fi ojú pamọ́ fún kámẹ́rà. Mo ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún Pásítọ̀, kí n dìde, kí n máa lọ. Maikirofóònù wà lọ́wọ́ òsì mi, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ti ilẹ̀. "Yéè! Mo kú o!" Ẹ̀rọ gbé ohùn náà dé ọ̀nà títì. Ìjọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "O ò ní kú, lórúkọ Jésù!" Kí n tó dìde, Bàbá Kékeré ti dúró, Bíbélì wà lókè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ mú un wá fún mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù!"

Dókítà egungun tí mo wá padà lọ bá ló là mí lóye. Gáńgílíọ̀nù ni wọ́n pe kókó náà, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́, omi kan sì wà láàárín wọn tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára wọn. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn ọwọ́ sábà máa ń ti ibi tí iṣan ti so méjì nínú wọn pọ̀ wá, ìyẹn sìkáfọ́ìdì àti lúnéètì. Àpò kan yọ níbẹ̀, ó ní gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sínú oríkèé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ki gan-an, ó ki ju omi oríkèé fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí Bàbá Kékeré lù ú, àpò ya, ohun inú rẹ̀ tàn ká abẹ́ awọ, ara sì fà á mu. A rí i pé ilé wó, a ò mọ̀ pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Gbòǹgbò kò lọ síbì kankan, àpò san, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Nígbà tó ṣì kéré, abẹ́ àwọn iṣan ìka ló sá sí bí mo bá na ọwọ́; bí mo bá tẹ ọwọ́ wálẹ̀, egungun á tì í jáde. Bí mo bá sì fi ọwọ́ ti ilẹ̀, egungun á fún gbòǹgbò náà pọ̀. Ìdí tí dídọ̀bálẹ̀ fi ń pa mí lára nìyẹn.

Dókítà pa iná yàrá, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kókó, gbogbo rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ pupa. Wọ́n ní ohun tó bá le gbagidi tí iná kò là kọjá, tó ń yára tóbi, tàbí tó ń mú kí ìka kú tipiri, kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fojú lásán wò. Wọ́n tún ní kí n lọ ya fọ́tò egungun, nítorí pé ìlù bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ egungun. Ọpẹ́ ni pé tèmi kò ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré sílẹ̀ díẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo sọ ti oníkẹ́místì fún wọn. Kókó yìí lójú ọ̀nà sínú oríkèé. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ gún un lórí bẹ́ǹṣì lè ti kòkòrò àrùn wọ inú oríkèé, kí ọwọ́ má sì lè tẹ̀ dáadáa mọ́ láyé ẹni náà. Bó bá jẹ́ ti iwájú ọwọ́ ni, lẹ́bàá ibi tí a ti ń mọ ìlù ọkàn, ó lè gún òpó ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin yẹn sì ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Dókítà kà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí a fà á: wọn á fọ awọ, wọn á fi oògùn pa á kú, wọn á sì lo abẹ́rẹ́ nọ́ḿbà 18 tàbí 16. Bí nọ́ḿbà abẹ́rẹ́ bá ṣe kéré ni ihò rẹ̀ ṣe ń tóbi, nítorí ohun tó ki tó bẹ́ẹ̀ kò ní gba inú abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Àwọn kan máa ń fi oògùn sítẹ́rọ́ìdì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì lè mú kí awọ dúdú bíi tèmi ṣá níbẹ̀. Èkejì ni iṣẹ́ abẹ: wọn á wá gbòǹgbò náà dé oríkèé, wọn á gé e mọ́ díẹ̀ lára awọ tó bo oríkèé. Àpá á kù, ọwọ́ lè le fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè kú bí wọ́n bá kan iṣan ara tó ń mú un mọ nǹkan. Ẹ̀kẹta ni kí a fi í sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n sọ èyí tó ń lọ pátápátá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ìwádìí kan fún mi, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2007, níbi tí wọ́n ti wo àwọn ènìyàn lẹ́yìn bí ọdún 6. Nínú àwọn tí wọ́n fà á fún, ó padà fún ju ìdajì lọ. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó padà fún bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ó sì lọ fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn án.

Mo fi í sílẹ̀. Mo ń dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ìkúùkù báyìí kí ọrùn ọwọ́ lè wà ní títọ́, àna mi sì ti bi mí bóyá ìjà ni mo bá wá. Bó bá di pé n kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ló kàn, mo sì mọ ohun tí màá bi wọ́n: ṣé ẹ máa yọ gbòǹgbò? Ṣùgbọ́n bó bá lọ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè mí wá síwájú ìjọ kí ọdún 6 tó pé.