Ìpolówó Tó Dé Kánò

Ìyá aláta kan ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, gbé fọ́tò apẹ̀rẹ̀ tòmátò rẹ̀ sórí Fesibúùkù, ó tẹ “Boost post”, ó sì san ₦5,000. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kó yan àwọn tí yóò rí i, ó fi gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kì í jẹ ata?

Ní ọjọ́ karùn-ún, owó tán. “Like” pọ̀ bí eéṣú, ẹnì kan ò ra nǹkan. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wo àbọ̀ ìpolówó náà, ó bú sẹ́rìn-ín: “Màmá, Kánò ló pọ̀ jù níbí. Ibi tí tòmátò ti ń wá lẹ lọ polówó tòmátò sí!”

Ọmọ náà tún un ṣe. Ó fi àmì sórí Bódìjà nínú máàpù, ó fi kìlómítà 10 yí i ká, ó sì yan “Get more messages”, kí ìpolówó lè wá àwọn tó máa ń béèrè ọjà, kì í ṣe àwọn tó kàn ń tẹ “Like” kiri. ₦2,000 péré ni wọ́n ná. Kí ó tó di Sátidé, alásè mẹ́ta ti béèrè iye apẹ̀rẹ̀ kan.

Ẹni tó ń tajà ní Bódìjà, ará Ìbàdàn ni kó ké sí. “Like” ará Kánò kò ṣeé fi san owó ṣọ́ọ̀bù.