Dísìkì Dẹ́tẹ̀, Wọ́n Ń Pa Làpálàpá

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n òwe náà kò tíì dé etígbọ̀ọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ chkdsk ti Windows àti fsck ti Linux di oògùn gbogbo-ǹ-ṣe. Iṣẹ́ àṣẹ méjèèjì ni láti yẹ ètò fáìlì wò, èyíinì ni àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí dísìkì. Bí iná bá lọ lójijì, àkọsílẹ̀ yìí lè dàrú kí dísìkì fúnra rẹ̀ sì le koko. Làpálàpá lásán nìyẹn. Ẹ̀tẹ̀ ni pé kí ojú dísìkì gan-an máa bàjẹ́.

Ká ní dísìkì kan tó gba tẹrabáìtì 1 ń pẹ́ kó tó ṣí fódà, tó sì ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ojú ẹsẹ̀ yóò tẹ `chkdsk E: /r`, yóò sì lọ jẹun. Lẹ́tà r yìí ń pàṣẹ pé kí a ka gbogbo sẹ́kítọ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ ààyè tí a pín dísìkì sí, kí a sì ṣàtúnṣe lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, orí tó ń ka dísìkì yóò máa padà sí ojú egbò léraléra títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí àkọsílẹ̀ fódà kan kò bá ṣeé kà, chkdsk lè gé e dànù, kó sì kó àwọn fáìlì rẹ̀ sínú `found.000` pẹ̀lú orúkọ bíi `FILE0000.CHK`. Lẹ́yìn náà ni yóò kéde pé àtúnṣe parí, òótọ́ sì ni, nítorí pé ohun tí kò bá ara mu ti di pípa rẹ́.

Ẹni tó mọṣẹ́ yóò so dísìkì yìí mọ́ Linux, níbi tó ti lè máa jẹ́ `/dev/sdb`, yóò sì kọ́kọ́ ka SMART, ìwé ìlera tí dísìkì ń kọ nípa ara rẹ̀:

```
smartctl -a /dev/sdb
```

Bí `Current_Pending_Sector`, iye sẹ́kítọ̀ tí kò ṣeé kà tí dísìkì ń ṣiyèméjì lé lórí, bá kọjá òdo, tó sì ń pọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má ṣàtúnṣe lórí dísìkì náà. Ṣùgbọ́n òdo kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ yá. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò ṣe ẹ̀dà dísìkì náà sórí òmíràn tó dá ṣáká, tó sì tóbi jù ú lọ:

```
ddrescue -n /dev/sdb eda.img eda.map
```

Àṣẹ yìí ń kọ́kọ́ kó ibi tó ṣeé kà, ó sì ń fi ibi tó le sílẹ̀ di ẹ̀yìn, nígbà tí `eda.map` ń rántí ibi tó dé.

Orí ẹ̀dà kejì tí a ṣe láti inú `eda.img` ni àtúnṣe ti yẹ. Chkdsk tí kò ní àfikún bíi `/r` tàbí `/f` àti `fsck -n` máa ń wò lásán, wọn kì í kọ nǹkan. Lẹ́yìn èyí ni `/f` lè tẹ̀ lé e. A kò gbọ́dọ̀ fi fsck tún ètò fáìlì tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe. Bí àtúnṣe bá ba ẹ̀dà náà jẹ́, a ó tún òmíràn ṣe láti inú `eda.img`, ṣùgbọ́n dísìkì tó ń kú kì í ní ẹ̀mí méjì.