Ẹ̀dínwó Tó Gbówó Lórí

Àwọn ọ̀dọ́ Ọmù-Àrán tó gbọ́n kì í sáré ra géèmù lórí Steam. Wọ́n á tẹ "Add to your wishlist", wọ́n á wo iye tó rẹlẹ̀ jù tó ti jẹ́ rí lórí SteamDB, wọ́n á wá dúró de ẹ̀dínwó ńlá ìparí oṣù Kẹfà tàbí ti oṣù Kejìlá.

Àṣé dọ́là ni Steam ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà!

Ká ní géèmù kan jẹ́ dọ́là 40 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí báǹkì ń ṣẹ́ dọ́là ní nǹkan bí ₦460: ₦18,400 nìyẹn. Onísùúrù dúró di ìparí 2024, wọ́n gé e sí ìdajì, dọ́là sì ti lé ní ₦1,500. Ó san ju ₦30,000 lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn. SteamDB kò kúkú purọ́ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iye dọ́là náà kí ẹ tó yọ̀.