Agbèrò Mi Ń Sá Fún Kámẹ́rà

Lọ́kàn mi, géèmù náà kò le: agbèrò kan ń lé dánfó tí kò san owó rẹ̀, láti Ìyànà Ìbà dé Òkòkòmaikò. Ó ń fo gọ́tà, ó ń yẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Mo ya ọjà, mo ya géètì LASU, mo ya kòtò ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ní ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka gbèsè. Kámẹ́rà nìkan ni mi ò kà sí. Mo kàn so ó mọ́ agbèrò lórí. Bó bá ti fò, gbogbo Ìyànà Ìbà a bá a fò.

Kí òyì má baà pa mí, mo ní kí kámẹ́rà máa rin ìdá kan nínú mẹ́wàá àlàfo tó wà láàárín òun àti agbèrò, ní férémù kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà mi, tó ń ya férémù 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó dùn-ún wò. Mo gbé e fún àbúrò mi kó dán an wò lórí fóònù rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹni yín ti fẹ́ jáde nínú fóònù o.”

Mo ní kó lọ tún fóònù rẹ̀ ṣe. Ó gba ọjọ́ mélòó kan kí n tó ṣírò rẹ̀. Agbèrò ń sá píksẹ̀lì 600 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ní férémù 60, kámẹ́rà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú nǹkan bí 90. Fóònù tálákà yẹn ò ya ju 15 lọ, àlàfo sì di 360. Ojú fóònù fẹ̀ ní 1280, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 640, torí náà ohun tó kù níwájú agbèrò jẹ́ 280: kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó já sí gọ́tà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ní férémù kọ̀ọ̀kan ni mo kọ, nígbà tó yẹ kí n fi àkókò wọ̀n ọ́n. Ní Godot, `delta` ni iye àkókò tí férémù kan gbà; `x` ni ipò kámẹ́rà, `ibi` sì ni ibi tó ń lọ:

```
x += (ibi - x) * (1.0 - exp(-6.0 * delta))
```

Àbúrò mi kò bú mi mọ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ṣì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn: 600 tí a pín sí 6 jẹ́ 100, ẹ̀yìn ni à ń wò nígbà tí ewu wà níwájú. Mo wá ní kí `ibi` wà ní 100 níwájú agbèrò. Mo sáré wò ó, mo sì rí i pé agbèrò wà láàárín gbùngbùn! Ohun tí mo fún un ni ẹ̀yìn ti gbà. Àfi ìgbà tí mo sọ ọ́ di 250 ni 150 tó ṣẹ́ kù wá di iwájú.

Inú mi dùn títí agbèrò fi yí ojú padà láti bú awakọ̀ kan. Nínú férémù kan ṣoṣo, `ibi` fò láti +250 sí −250, gbogbo ọjà sì fì lọ fì bọ̀. Àbúrò mi gbé fóònù kalẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. Super Mario World ti borí èyí láti 1990: Mario gbọ́dọ̀ rin díẹ̀ sí apá kejì kí kámẹ́rà tó gbà pé ó ti yí padà lóòótọ́. Mo fi 80 ṣe ìdíwọ̀n tèmi, mo sì jẹ́ kí 250 náà fúnra rẹ̀ máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ fò.

Níbi mímì kámẹ́rà ni ìwà ọ̀kánjúwà mi ti hàn. Gbogbo kòtò ni mo ní kó mi kámẹ́rà, mo sì ń fi mímì náà kún `x` gan-an. Férémù tó tẹ̀ lé e a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti mì dé, a máa bá ìtẹ̀lé jà, àwòrán á rọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó kọlu ohunkóhun. Ní báyìí `x` kì í mọ̀ pé ohun kan mì: yíyà nìkan ni mo ń fi mímì kún. Nọ́ńbà kan wà tí mo pè ní ọgbẹ́, láti 0 dé 1, tó ń dín kù fúnra rẹ̀, tí kì í sì í ju 1 lọ bó ti wù kí kòtò pọ̀ tó. Squirrel Eiserloh, ẹni tó ń ṣe géèmù, ṣàlàyé ní 2016 pé kí a fi ọgbẹ́ náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ kí a tó mì. Ọgbẹ́ 1 fún mi ní 24 píksẹ̀lì, 0.5 fún mi ní 6, kòtò kékeré tó jẹ́ 0.3 kò tó 3. Dánfó tó kọlu agbèrò wá yàtọ̀ sí kòtò.

Ó ku ṣọ́ọ̀bù kan tí agbèrò máa ń sá wọ̀. Òpópónà fẹ̀ ní 6400, torí náà mo ti ní kí `ibi` má kéré sí 640, kó má sì ju 5760 lọ, kí a má baà rí òfìfo. Ṣọ́ọ̀bù fẹ̀ ní 960. Òfin kan náà wá ń pàṣẹ pé má kéré sí 640, má sì ju 320 lọ. Kámẹ́rà yan 320, a sì rí 320 píksẹ̀lì òkùnkùn lápá òsì, níbi tí àbúrò mi ti ń wá ọjà tí ó lè jí. Bí yàrá bá kéré ju ojú fóònù lọ, mo máa ń gbé kámẹ́rà sí àárín rẹ̀ ní 480, òkùnkùn á pín sí 160 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì fi ògiri bò ó. Mo fi 24 kún ògiri náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nítorí mímì, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti rí i pé bí dánfó bá kọlu ṣọ́ọ̀bù, òpin ayé máa ń yọjú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìjì.